Owó ilé ní dọ́là: iye ọjọ́ wo lẹ máa san?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ká ní onílé kan l'Óke-Fìà kọ dọ́là 3,000 sínú ìwé àdéhùn fún ọdún kan, àmọ́ náírà lẹ máa san. Ẹ má tíì buwọ́ lùwé o. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ CBN tú okùn náírà, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 fò kọjá 600 lọ́jọ́ kan náà. Ní 470, owó ilé yẹn jẹ́ náírà 1,410,000. Ní 600, ó di 1,800,000.

Ẹ kọ ọjọ́ ìṣírò sílẹ̀. Ọjọ́ tówó pé ló dáa jù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìsanwó, ayálégbé á máa dúró kí dọ́là wálẹ̀, onílé náà á sì máa fa nọ́ńbà àkáǹtì nílẹ̀ kó lè gbówó lórí. Bó bá bọ́ sí Sátidé tàbí Sọ́ńdè, ẹ lo iye ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú.

"Iye ọjà" lásán ò tó, torí ti àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là lójú títì yàtọ̀ sí ti báńkì. Ẹ kọ ọ́ pé iye tí CBN gbé sórí ìkànnì rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá iye ìrà ni àbí iye ìtà.

Lójú tèmi, kí wọ́n kúkú kọ náírà tààrà ló rọrùn jù. Òfin CBN ọdún 2007 ṣáà ti sọ pé náírà lowó tó bófin mu, onílé ò sì gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́.