Títo Ìròyìn Ìwádìí Gígùn: Àpẹẹrẹ Ilé-iṣẹ́ Wintris

Ìfáàrà

Bí ìwé àṣírí bá tẹ oníròyìn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn. Bí yóò ṣe tò ó ni ìṣòro. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìròyìn kan wò, èyí tó jáde ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún 2016, láti inú àwọn ìwé ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò Mossack Fonseca ní Panamá, tí iye wọn jẹ́ mílíọ̀nù 11.5. Èrò wa ni pé iṣẹ́ tí orísun kọ̀ọ̀kan lè ṣe ni ó yẹ kí ó pinnu ààyè rẹ̀.

Iṣẹ́ orísun kọ̀ọ̀kan

Ìwé àṣírí fi hàn pé Sigmundur Davíð Gunnlaugsson, olórí ìjọba Áísílàǹdì nígbà náà, àti aya rẹ̀ ti jọ ni Wintris, ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní erékùṣù Tọ̀tólà. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2009, ó ta ìdajì tirẹ̀ fún aya rẹ̀ ní dọ́là 1. Bí a bá ka èyí nìkan, kò ju káràkátà láàrin tọkọtaya lọ.

Àkọsílẹ̀ ìta gbangba ni ó fún un ní ìtumọ̀. Ọkùnrin náà ti wọ ilé aṣòfin ní oṣù Kẹrin ọdún náà láìkọ Wintris sínú ìwé ìkéde ohun-ìní. Òfin owó-orí tuntun lórí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì títà náà gan-an. Wintris tún wà lára àwọn tí àwọn báńkì tó dẹnu kọlẹ̀ ní 2008 jẹ lówó. Nígbà tó sì di olórí ìjọba ní 2013, ìjọba rẹ̀ ni ó ń yanjú ọ̀rọ̀ gbèsè náà.

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fi ṣe pàtàkì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, nígbà tí a dárúkọ Wintris fún un, ó dìde, ó sì jáde.

Ìlànà títò

Kí oníròyìn kọ́kọ́ to ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ sínú àtẹ, kí ó kọ orísun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọjọ́ 31 àti ọjọ́ 1 ti fara kanra. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí orísun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè gbé: ọkùnrin yìí ní ohun tirẹ̀ nínú ọ̀ràn tí ìjọba rẹ̀ ń yanjú, kò sì sọ ọ́. Kì í ṣe pé ó sá fún owó-orí: tọkọtaya náà ní àwọn san án, ìwé àṣírí nìkan kò sì lè já wọn nírọ́.

A lè fi dídìde rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ìròyìn, ṣùgbọ́n kí ó kúrú. Kí a padà sí 2009 kíákíá, kí a sì fi àlàyé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀sùn tí ó ń dáhùn, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni títo ìròyìn bí oníròyìn ṣe rí ẹ̀rí. Ìtàn oníròyìn ni òǹkàwé yóò kà, kì í ṣe ti ẹni tí a ń wádìí.

Àgbálọgbábọ̀

Ìdánwò kan wà. Yọ orísun kan kúrò nínú ìpínrọ̀. Bí ohun tí ó sọ kò bá yí padà, ọ̀ṣọ́ lásán ni orísun náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá wó nítorí ìwé kan ṣoṣo, ìpínrọ̀ náà kò tíì ṣeé tẹ̀ jáde.