Wíwá Àṣìtẹ̀ Nínú Àtẹ Owó Tí A Dà Kọ Láti Inú Ìwé Àfọwọ́kọ

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé bí a ṣe ń mọ irú àṣìṣe tó wọ inú àtẹ owó nípa wíwo ìyàtọ̀ àròpọ̀ nìkan. Ká ní akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó tẹ ìwé owó ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àròpọ̀ inú ìwé jẹ́ ₦86,430.50, ti kọ̀ǹpútà jẹ́ ₦86,880.50. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦450.

Bí nọ́ńbà méjì tó fara kanra bá pààrọ̀ ipò, ìyàtọ̀ náà yóò ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù. Níhìn-ín, 450 jẹ́ 90 lọ́nà 5. Òdo kan tó kẹ́yìn 90 ń tọ́ka sí ipò ọgọ́rùn-ún àti ipò ẹ̀wá. 5 sì ni àlàfo àárín nọ́ńbà méjèèjì. Nítorí pé ti kọ̀ǹpútà ló pọ̀ jù, a ó wá iye tí nọ́ńbà ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fi 5 ju ti ẹ̀wá lọ. A rí 5,724. Ohun tó wà nínú ìwé ni 5,274.

Bí àmì tó wà láàrin náírà àti kọ́bọ̀ bá sọnù, iye náà á di ìlọ́po 100. Nítorí náà, a ó fi 99 pín ìyàtọ̀ náà. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ₦1,237.50, èsì rẹ̀ jẹ́ ₦12.50, èyí tí a tẹ̀ bíi 1250.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe méjì lè pa ara wọn rẹ́, àròpọ̀ inú ìwé fúnra rẹ̀ sì lè kùnà. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìwé náà rò, kí á sì máa ṣe àròpọ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.