Ìṣákọ́lẹ̀ kọ́ ni orúkọ tí ilé-ìkàwé ń pè é

Ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ láti kékeré ló pè mí lọ́jọ́ kan láti yunifásítì tó wà. Òfin ló ń kà, bí èmi náà ti kà á nígbà tèmi, ó sì ti dé ọdún àṣekágbá. Omifunfun, lọ́nà Ọ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko kòkó. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Bàbá rẹ̀ àgbà ló gbà á lọ́wọ́ onílẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ní báyìí, àwọn kan ti ń sọ fún bàbá náà pé kó má san kọ́bọ̀ mọ́, pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fa gbogbo ilẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, kò sí onílẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí ìṣákọ́lẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ yí àkòrí mi padà o. Mo ti wá a nínú kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé wa. Ẹnì kankan ò kọ nǹkan kan nípa ìṣákọ́lẹ̀.”

Mo bi í pé kí ló tẹ̀. Ó ní `isakole` lòun tẹ̀, òdo ló sì jáde.

Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gúgù ti bà wá jẹ́. A rò pé bí a bá ti tẹ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ yóò wọ inú ìwé lọ yẹ̀ ẹ́ wò láti ojú ewé kìíní dé èyí tó kẹ́yìn. Katalọ́ọ̀gù ilé-ìkàwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ka inú ìwé. Àkọsílẹ̀ kúkúrú nípa ìwé ló ń kà: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ìwé, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan tí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kọ síbẹ̀ láti sọ ohun tí ìwé náà dá lé. Ìwé kan lè sọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ lójú ewé ogún, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ kúkúrú yẹn, òdo ni yóò jáde.

Ìkejì ni pé àwọn tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa ilẹ̀ wa kì í kọ ọ̀rọ̀ náà bákan náà. Ẹlòmíràn kọ `isakole`, ẹlòmíràn kọ `ishakole`. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Mo ní kó tẹ `yoruba land`. Kò pẹ́ tí ó fi rí ìwé P. C. Lloyd, `Yoruba Land Law`, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1962. Ìwé yẹn sọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀, Oǹdó sì wà lára àwọn ìlú tó yẹ̀ wò. Ọmọ náà pariwo. Mo ní kó má tíì pariwo, kó ṣí àkọsílẹ̀ ìwé náà, kó wo ìsàlẹ̀. Ó rí i níbẹ̀ pé wọ́n kọ `Land tenure -- Nigeria`.

Ohun tí a ń pè ní àkòrí kókó-ọ̀rọ̀ nìyẹn. Inú ìwé-àtòjọ kan tí Ilé-ìkàwé Kóńgírẹ́ẹ̀sì ní Amẹ́ríkà ń tọ́jú ni wọ́n ti ń mú un, ọ̀pọ̀ yunifásítì káàkiri ayé ló sì ń lò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún ohun kan ní orúkọ kan ṣoṣo. Ì báà jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ lòǹkọ̀wé pè é, ì báà pè é ní owó ilẹ̀ tàbí àdéhùn àgbẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan náà. Ọmọ náà tẹ àkòrí yẹn lórí ojú kọ̀ǹpútà, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan nínú orúkọ rẹ̀.

Ẹ kíyè sí bí a ṣe ṣe é o. A ò jókòó máa méfò nípa orúkọ tí ilé-ìkàwé ń pe nǹkan. Ọ̀rọ̀ tiwa la fi bẹ̀rẹ̀, a rí ìwé kan tó dára, ìwé yẹn ló wá sọ orúkọ náà fún wa. Bí iná kò bá sí, tí kọ̀ǹpútà kò ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ ìwé sí, níbi tí ọdún ìtẹ̀jáde wà, ọ̀pọ̀ ìwé ló ní àwọn àkòrí náà lẹ́sẹẹsẹ.

Méfò-méfò léwu lóòótọ́. Ẹ wo kòkó tí gbogbo wa mọ̀. Bí ọmọ àgbẹ̀ bá ń wá ìwé lórí àrùn tó ń pa kòkó, `cocoa` ni yóò tẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé-àtòjọ yẹn, `Cacao` lorúkọ igi náà, ibi tí ìwé àrùn rẹ̀ sì wà ni `Cacao -- Diseases and pests`.

Àmọ́ kí n má parọ́, àkòrí kókó-ọ̀rọ̀ ní àléébù tirẹ̀. Àkọ́kọ́, ó máa ń fẹ̀ jù. Abẹ́ `Land tenure -- Nigeria` ni ilẹ̀ Kánò wà, ibẹ̀ ni ti Èkó wà, kò sí àyè ọ̀tọ̀ fún ìṣákọ́lẹ̀ nìkan. Ohun tí ọmọ náà ṣe ni pé ó so méjèèjì pọ̀: ó fi àkòrí náà sí àyè kókó-ọ̀rọ̀, ó wá fi `yoruba` kún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Èsì náà sì dín kù. Ìkejì, èèyàn ló ń kọ àkòrí sí ìwé, èèyàn sì lè kọ ọ́ ṣì. Ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè má tíì ní àkòrí rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá fi àkòrí wá nǹkan tán, kó tún fi ọ̀rọ̀ lásán wá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìkẹta ló kan àwa amòfin jù. Katalọ́ọ̀gù mọ ìwé, kò mọ ẹjọ́. Àwọn ìwé tí ọmọ náà rí ló darí rẹ̀ sí ẹjọ́ `Abioye v. Yakubu`, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá lọ́dún 1991. Nígbà tó dé ìdí àkójọ ìdájọ́, àkòrí kò wúlò mọ́. Orúkọ ẹjọ́ gan-an ló tẹ̀, ó sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Kí ni ìdájọ́ náà sọ? Ó ní Òfin Lílo Ilẹ̀ kò gba ẹ̀tọ́ onílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ àgbẹ̀ tó gba ilẹ̀ dáko di onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, àgbẹ̀ tó bá sẹ́ onílẹ̀ lè pàdánù oko náà pátápátá.

Ọmọ náà tẹ bàbá rẹ̀ láago ní Omifunfun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀lé ohun tí wọ́n ń sọ yẹn. Ẹ san ìṣákọ́lẹ̀ tọdún yìí.”

Bó bá gba òdo àkọ́kọ́ yẹn gbọ́, ta ni ì bá sọ fún bàbá náà?