Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Fọ́tò fún Ẹni Tó Wọ Aṣọ Ẹbí

Bí a bá wọ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, yálà n'Íbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ́nù, àwọ̀ aṣọ ẹbí ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ ará ilé ìyàwó yàtọ̀ sí ará ilé ọkọ. Ẹni tó wọ̀ ọ́ wá gbè lẹ́yìn ọlọ́jọ́ ni. Ipò tó wà yẹn gan-an ni kó ti wá ẹ̀fẹ̀ tó máa kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀.

Ẹ wo àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ. Níbi ìdána, tàwọn tọkọ ló jọ máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna. Alága ìjókòó sì lè ní àyà àwọn kan kò kan ilẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe, àfi bí wọ́n bá fowó tù ú lójú. Nígbà tí wọ́n bá dìde, tí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú agbádá àti fìlà, ohun tó máa ń yá wọn lára láti kọ ni "Àwa la ni gbọ̀ngàn lónìí." Ọkọ ìyàwó ńkọ́? Kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Èmi á kọ ọ́ báyìí:

"Ọkọ ló gbé ìyàwó, agbádá tiwa ló gbé eruku."

Ọkọ ló ṣíwájú, òun náà ló lérè. Eruku nìkan ló kan àwọn ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á rántí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, á sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ fi àmì ohùn sí i o, kẹ́nì kan má rò pé mọ́tò lẹ ń sọ pé ó gbé ìyàwó.

Ní ti obìnrin tí gèlè rẹ̀ ga bí òrùlé, ó lè kọ pé:

"Ìyàwó ni gbogbo ojú ń wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn gèlè mi, ẹ má bínú."

Bí gèlè náà bá kéré, ẹ̀fẹ̀ yìí ò dùn mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá kọ, bẹ́ ẹ bá jẹ́ ará ilé ọkọ, ẹ pe ìyàwó ní "ìyàwó wa", ẹ̀gbọ́n ìyàwó tàbí àǹtí rẹ̀ á sọ pé "ọmọ wa."

Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni "Èmi ló kàn." Kíá làwọn èèyàn á ti máa ṣe àmín fún ẹni tó kọ ọ́, wọ́n á sì gbàgbé tọkọtaya. Bákan náà ni "À ń retí ìkómọ": ẹ̀fẹ̀ lásán ni lójú ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lè dun ìyàwó. Ẹ kúkú gbàdúrà pé kí ilé wọn tòrò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí tọkọtaya kọ́kọ́ gbé fọ́tò tiwọn jáde kẹ́ ẹ tó gbé tiyín síta.