Ìtẹlẹ̀ àti Ìfì: Iṣẹ́ Oríkèé Ẹsẹ̀ nínú Ìrìn, àti Ohun tí Ẹrù Orí ń Yí Padà

Iṣẹ́ méjì ni ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní àṣetúnṣe nígbà tí ènìyàn bá ń rìn. Èkíní ni pé kí ó wà nílẹ̀ kí ó gbé ara ró. Èkejì ni pé kí ó kúrò nílẹ̀ kí ó kọjá sí iwájú. Ó rọrùn láti pe ti àkọ́kọ́ ní ìdúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lè ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí ẹni tí ń rìn kò dúró rárá. Ara rẹ̀ ń kọjá lórí ẹsẹ̀ tí ó tẹ ilẹ̀ ni. Ìtẹlẹ̀ ni orúkọ tí ó bá a mu jù. Ìfì ni a ó pe èkejì, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ó kúrò nílẹ̀ ń fì láti ìbàdí gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi okùn so rọ̀.

Láti ìgbà tí gìgísẹ̀ kan bá kan ilẹ̀ títí di ìgbà tí gìgísẹ̀ kan náà yóò tún kan ilẹ̀ jẹ́ ìyípo ìrìn kan. Ìtẹlẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìyípo náà, ìfì sì ń gba ìdá 40 tí ó kù. Nítorí pé ìtẹlẹ̀ ju ìdajì lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń wà nílẹ̀ pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni ìrìn ti yàtọ̀ sí eré sísá, nínú èyí tí ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí a mú obìnrin kan tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 60, tí ó ń lọ sí odò lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, oríkèé ìbàdí ti gbé itan síwájú ní nǹkan bí dígírì 30. Orókún fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni orókún náà tún rọ̀ díẹ̀, ní dígírì 15 sí 20, bí ìgbà tí ẹni tí ń gba ẹrù lọ́wọ́ ẹlòmíràn bá fi ìrọ̀rùn gbà á. Iṣan iwájú ojúgun sì ń tú ọrùn-ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ yóò fi balẹ̀. Bí iṣan yìí kò bá lágbára, àtẹ́lẹsẹ̀ yóò já lulẹ̀ pà. Etí lásán tó láti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ara kọjá lórí ẹsẹ̀ náà. Orókún tún nà, ojúgun tẹ̀ síwájú lórí àtẹ́lẹsẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 10, itan sì rékọjá sí ẹ̀yìn ara ní nǹkan bí dígírì 10. Nígbà náà ni gìgísẹ̀ gbéra, tí iṣan ńlá tí ó wà lẹ́yìn ojúgun sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Nínú gbogbo ìyípo náà, ibí ni ọrùn-ẹsẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi jù. Bí ìfì ti bẹ̀rẹ̀, orókún ká dé nǹkan bí dígírì 60 kí ẹsẹ̀ lè kúrú, ọrùn-ẹsẹ̀ sì fa ìka sókè. Síbẹ̀, àlàfo tí ó wà láàárín ìka ẹsẹ̀ àti ilẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ti rẹ̀ fi ń wọ́ bàtà nílẹ̀, tí gbòǹgbò kékeré sì ń gbé e ṣubú: orókún rẹ̀ kò ká tó mọ́.

Nínú ìtẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rí bí ọ̀pá tí a fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ilẹ̀ tí orí rẹ̀ ń ṣubú síwájú. Ara ń gòkè bí ó ti ń sún mọ́ òkè ọ̀pá náà, ìyára rẹ̀ sì ń dínkù; bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ní ìhà kejì, ìyára náà ń padà wá. Báyìí ni agbára ìṣípòpadà ń di agbára gíga, tí agbára gíga sì tún ń di agbára ìṣípòpadà. Nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 ni ènìyàn ń rí gbà padà lọ́nà yìí nígbà tí ó bá rìn ní ìwọ̀n tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Iṣan ni ó ń san èyí tí ó kù.

Ẹ̀yí tí ó kù yìí ni ẹrù orí lè kàn. Ní 1986, Maloiy, Heglund, Taylor àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn tẹ àbájáde ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lára àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà jáde. Àwọn Luo ń ru ẹrù sí àtàrí. Àwọn Kikuyu ń fi okùn gbé e kọ́ iwájú orí. Títí dé ìdá 20 nínú 100 ìwúwo ara, èémí tí àwọn obìnrin náà ń lò kò pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìwọ̀n yẹn, ohun tí ó lé ni wọ́n ń san. Fún obìnrin oníkílógíráàmù 60, kílógíráàmù 12 lè má fi nǹkan kún ìnáwó agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì líta 20 tí ó kún fún omi jẹ́ ìdá 33 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Nítorí náà yóò san nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 lé ti tẹ́lẹ̀. Ní 1995, Heglund, Cavagna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ìdí rẹ̀ hàn: lábẹ́ ẹrù, àwọn obìnrin wọ̀nyí ń gba agbára padà ju ti ìgbà tí ọwọ́ wọn ṣófo lọ. Ìfì ọ̀pá yẹn ni wọ́n ń lò dáradára sí i.

Kò yẹ kí a sọ èyí di òfin fún gbogbo ẹni tí ń ru ẹrù. Ní 2010, Lloyd àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wọn àwọn obìnrin Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà. Wọn kò rí ìdẹ̀ra náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó kárí. Ẹnìkan yàtọ̀ sí ẹnìkejì gidigidi.

Bí èémí kò tilẹ̀ pọ̀ sí i, oríkèé kò bọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá tẹ ilẹ̀, ìhà ìbàdí kejì fẹ́ já sílẹ̀, iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ni ó sì ń dì í mú. Ibi tí iṣan yìí ti ń fà súnmọ́ oríkèé ju ibi tí ìwúwo ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ní nǹkan bí ìdajì. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fà ní ìlọ́po méjì. Bí a bá fi ẹrù fúnra rẹ̀ kún un, kílógíráàmù 20 lórí lè di nǹkan bí 60 nínú oríkèé ìbàdí, ní gbogbo ìṣísẹ̀. Òṣùká ń tẹ́ ẹrù lórí àtàrí, ó sì ń jẹ́ kí ó wà ní ọ̀gangan ara, kí ẹ̀yìn má baà tẹ̀ síwájú gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ó gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kò lè dín ìwúwo yìí kù.

Nítorí náà, ìbàdí ni kí ẹni tí ń wo aláàárù kọ́kọ́ wò. Bí ìhà ẹsẹ̀ tí ń fì bá ń já sílẹ̀, tàbí tí àyà bá ń yẹ̀ sí ìhà ẹsẹ̀ tí ó tẹ ilẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí kò ká ẹrù náà mọ́. Orí tí ó dúró ṣinṣin kì í ṣe ẹ̀rí pé ìsàlẹ̀ kò wúwo.