Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ìsinmi àìsàn, ṣé dandan ni kí ọ̀gá mọ orúkọ àìsàn yín?

Nígbà tí mo ṣì ń gbowó oṣù níléeṣẹ́ ìròyìn kan l'Ékòó, ọmọbìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì. Dókítà ní kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ló bá ya fọ́tò èsì àyẹ̀wò ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa lórí Wásáàpù. Kó tó di ọ̀sán, àwọn èèyàn ti ń sọ iye fáíbírọ́ìdì tó wà nínú ilé ọmọ ẹ̀. Nígbà tó padà, wọn ò béèrè bóyá ara ti yá. Ìgbà tó máa bímọ ni wọ́n ń bi í.

Ohun tí ọ̀gá nílò ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ó fẹ́ mọ̀ pé dókítà gidi ló ní kẹ́ ẹ sinmi, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé, àti iṣẹ́ tẹ́ ò ní lè ṣe tẹ́ ẹ bá padà. Ó tán. Abala 16 nínú òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní kí wọ́n sanwó fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn, ó pẹ́ tán, fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan, tí dókítà bá ti jẹ́rìí sí i. (Òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin yẹn wà fún o. Ẹ̀yin mánéjà, ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ kà.) Òfin ìlera ọdún 2014 náà sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ àìsàn yín lọ́dọ̀ dókítà.

Ṣùgbọ́n dókítà lè kọ orúkọ àìsàn sínú ìwé láìrò ó. Torí náà, ẹ bá a sọ ọ́ kó tó kọ ọ́.

Ọmọbìnrin yẹn tún ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn níbi iṣẹ́ tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó kọ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ 3 oṣù tó ń bọ̀. Dókítà ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìwé wọn rèé. Tí mo bá dé, mi ò ní lè gbé ẹrù wúwo fúngbà díẹ̀.” Ọ̀gá bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, “Sà, ọ̀rọ̀ ara mi ni, àwọn dókítà ti ń bójú tó o.”

Ẹ kíyè sí i pé kò purọ́. Tó bá ní ibà ni, ta ni ibà ń dá dúró sílé fọ́sẹ̀ mẹ́rin? Ọjọ́ tí irọ́ bá sì tú, irọ́ yẹn ni wọ́n máa fi lé èèyàn, kì í ṣe àìsàn.

Ìgbà kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awakọ̀ tó ní wárápá ò gbọ́dọ̀ dákẹ́, ẹ̀mí àwọn èrò wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ikọ́ ife lára ẹ̀ náà, àwọn tó ń bá a jókòó nínú yàrá kan náà nílò àyẹ̀wò. Ẹni tó ní fọ̀níkú-fọ̀larùn, tí kò fẹ́ iṣẹ́ òru mọ́, ó lè jẹ́ pé orúkọ àìsàn yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n gbà fún un. Ẹnì kan ṣoṣo níbi tí wọ́n ti ń bójú tó òṣìṣẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún, nínú lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má kọjá fáìlì yín. Ẹ má sọ ọ́ lórí Wásáàpù.