Bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀wà, àgbàdo àti ìrẹsì kí kòkòrò má baà bí sí i

Nígbà tí a bá ń ká òwú lọ́wọ́, ẹ̀wà tuntun ti kún ọjà Pàràkú, owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. Ẹni tó bá lè tọ́jú tirẹ̀ di ìgbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ ni yóò tà á dáadáa. Ṣùgbọ́n kí oṣù kejì tó pé nínú yàrá, ẹ̀wà ti lu, ìyẹ̀fun ti ń dà sílẹ̀ lábẹ́ àpò. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn kan da oògùn òwú tó ṣẹ́kù lé e lórí. Ìwé yìí ṣàlàyé ọ̀nà tí a lè gbà tọ́jú ẹ̀wà láìlo oògùn rárá, àti ohun tó yàtọ̀ díẹ̀ nípa àgbàdo àti ìrẹsì.

Ibi tí kòkòrò ti ń wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú yàrá ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà. Oko ni ó ti ń bá a wá. Abo kòkòrò máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara páádi ẹ̀wà nígbà tó bá ń gbẹ lóko. Bí a bá ti pa ẹ̀wà, á tún máa lẹ ẹyin mọ́ ara ẹ̀wà gan-an. Ẹ wò ó dáadáa lójú oòrùn: ẹ ó rí àmì funfun kékeré bí orí abẹ́rẹ́. Ìdin tó bá jáde nínú ẹyin yìí á gbẹ́ ihò wọnú ẹ̀wà, á máa jẹ ẹ́ láti inú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á di kòkòrò tó ní ìyẹ́, á sì gba ojú ihò róbótó jáde.

Kòkòrò tó jáde yìí kì í jẹ ẹ̀wà mọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tó fi ń gbé láyé, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó gùn, kó sì yé ẹyin lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá rí ihò, ìbàjẹ́ àkọ́kọ́ ti parí, ẹyin ìkejì sì ti wà lára ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní abo kan ṣoṣo ló wọ inú àpò, tó yé ẹyin 80, tí ìdajì rẹ̀ sì yè. Ní ìparí oṣù kìíní, kòkòrò 40 ni, abo 20 wà nínú wọn. Bí àwọn náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á di 800 ní oṣù kejì. Ní oṣù kẹta, wọ́n á di 16,000. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà tó dà bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é ní oṣù kọkànlá fi ń di ìyẹ̀fun ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má ṣe fi oògùn òwú sí oúnjẹ

Oògùn òwú kò sí fún ohun tí a ó jẹ. Ó máa ń dúró lára hóró, fífọ̀ àti sísè kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwọn àgbà yóò rántí àkókò òwú 1999 sí 2000 ní Borgu níbí, nígbà tí oògùn tí wọ́n ń pè ní ẹndosọ́fáànì pa ènìyàn. Àwọn aláṣẹ ka ó kéré tán 37 tó kú. Àwọn tó jẹ oúnjẹ tí oògùn ti kàn wà lára wọn. Ní 2011, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi oògùn yẹn kún àwọn tí wọ́n fẹ́ mú kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oògùn òwú tó rọ́pò rẹ̀ náà jẹ́ májèlé. Ẹ má sì ṣe kó oúnjẹ sínú àpò tàbí kẹ́ẹ̀gì tí oògùn ti wà nínú rẹ̀ rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Àpò alábala mẹ́ta

Kòkòrò ń mí bí àwa náà ti ń mí. Bí a bá dé e mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, òun fúnra rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò ní lè jẹun mọ́, kò ní lè yé ẹyin, á sì kú. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Pọ́dú ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù ló bẹ̀rẹ̀ sí dán èyí wò fún ẹ̀wà ní ìparí àwọn ọdún 1980. Àpò náà ní ọ̀rá nípọn méjì nínú, àti àpò híhun kan lóde tó ń dáàbò bò wọ́n.

Ká ní kílò 100 ẹ̀wà ni ẹ fẹ́ tọ́jú. Ẹ ṣà á, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sá a lórí tapólì títí tí yóò fi gbẹ dáadáa. Bí ẹ bá fi eyín gé e, ó gbọ́dọ̀ fọ́ kà, kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó kó o sínú àpò.

Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ di ẹnu rẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí atẹ́gùn bá ń jáde, ó ti lu. Ẹ ki ọ̀rá kan bọ inú ìkejì, ẹ sì ki méjèèjì bọ inú àpò híhun. Bí ẹ ti ń da ẹ̀wà sí i, ẹ máa gbọ̀n ọ́n kó kì, kí àyè afẹ́fẹ́ má pọ̀. Ẹ fi ẹnu ọ̀rá sílẹ̀ tó gígùn ọwọ́ kan. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ tó kù jáde, ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá inú le, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi okùn dì í. Ẹ ṣe ọ̀rá kejì bákan náà, kí ẹ tó di àpò híhun. Ẹ gbé e sórí igi, kó jìnnà sí ògiri, níbi tí eku kò ti lè dé.

Ẹ má ṣe tú u títí oṣù méjì ó kéré tán. Ẹni tó ń tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè bu ti ọbẹ̀ ń fún kòkòrò ní afẹ́fẹ́ tuntun. Ẹ yọ ti jíjẹ sọ́tọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré tí kò gba oògùn rí, ẹ kún un dé ẹnu, ẹ dé e le.

Àgbàdo àti ìrẹsì

Àpò kan náà ṣiṣẹ́ fún àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ kúrò lórí ṣúkù, nítorí ṣúkù lè lu ọ̀rá. Kòkòrò kan wà tó ń gbẹ́ igi, tó gba Tógò wọ Benin ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ó lè jẹ ọ̀rá lu. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun púpọ̀ lára àgbàdo, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sá a, kí ẹ tó kó o sínú àpò.

Àgbàdo tútù nínú ọ̀rá á hu, àgbàdo tó hu sì ń ṣe ẹ̀dọ̀ níbi. Ẹ fi iyọ̀ dán an wò: ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo àti iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ. Bí kò bá lẹ̀, ẹ ṣì tún sá a fún ọjọ́ kan tàbí méjì, nítorí iyọ̀ kì í mọ ìwọ̀nba omi tó kù.

Ní ti ìrẹsì, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Èèpo tó ṣù mọ́ra ń dí ọ̀pọ̀ kòkòrò lọ́wọ́. Labalábá kékeré aláwọ̀ koríko gbígbẹ ni ọ̀tá rẹ̀, òun náà ń jẹ àgbàdo. Bí ẹ bá rí i tó ń fò nínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mọ̀ pé ìdin rẹ̀ ti wà nínú hóró kan. Ẹ tètè dé èyí tó kù mọ́ inú àpò alábala mẹ́ta.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé ó dára

Nígbà tí ẹ bá tú àpò lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ó rí òkú kòkòrò díẹ̀, ìyẹn kò burú. Bí ẹ bá rí alààyè tó ń rìn, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ẹ wá ihò lára ọ̀rá méjèèjì. Bí ihò kan bá wà, ẹ fi téèpù dí i. Bí ó bá pọ̀, ẹ pààrọ̀ ọ̀rá náà. Bí ó bá ń rùn tàbí tó ti hu, kò gbẹ tó nígbà tí ẹ dì í. Ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì ṣe tà á.